Ta Ni Oníbàárà Ń Dúró Tì, Àmì Ọjà àbí Ẹni Tó Ń Tà Á? Àbá Ìwádìí fún Àpilẹ̀kọ Oyè Kejì nínú Ìmọ̀ Ìtajà

Ìṣòro tí ìwádìí yìí dá lé

Ẹni tó bá ti ń ra ọṣẹ ìfọṣọ kan náà láti ọdún pípẹ́, tí kò yẹsẹ̀, ni àwọn onímọ̀ ìtajà ń kà sí ẹni tó dúró ṣinṣin ti àmì ọjà. Bó bá jẹ́ ilé ìtajà ńlá ló ti ń rà á, ọ̀rọ̀ náà kò le. Gbogbo ọṣẹ ló wà lórí pẹpẹ níwájú rẹ̀, iye owó wà lára wọn, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi mú èyí tó wù ú. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ ní ọjà gbangba. Ọlọ́jà ló ń pinnu ohun tó máa pàtẹ, ohun tó máa kó sábẹ́ àtẹ, àti èyí tó máa kọ́kọ́ nà sí oníbàárà. Wọ́n á ná ọjà kí wọ́n tó fohùn ṣọ̀kan lórí iye rẹ̀. Bí ọjà bá sì tán, ọlọ́jà náà ló máa sọ ohun tí a lè fi rọ́pò rẹ̀.

Kí n tó kọ àbá yìí, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ ọlọ́jà kan láti wo bí nǹkan ṣe ń lọ. Obìnrin kan dé, kò tilẹ̀ sọ ẹrù èjìká rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ fún mi ní èyí tí mo máa ń rà.” Màmá dá a lóhùn pé, “Ìyẹn ti tán láti àná, ọmọ mi. Mú eléyìí. Òun lèmi náà fi ń fọṣọ.” Obìnrin náà yí páálí ọṣẹ ọ̀hún síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò ka ohun tó wà lára rẹ̀, ó béèrè bóyá iye kan náà ni, ó sanwó, ó bá tirẹ̀ lọ. Ká ní mo ti fún un ní ìwé ìbéèrè kó tó dé ìdí àtẹ yẹn, orúkọ ọṣẹ àkọ́kọ́ ni ì bá kọ, ó sì ṣeé ṣe kó sọ pé òun kì í ra òmíràn. Àárín ohun tí ẹnu sọ àti ohun tí ọwọ́ rà ni iṣẹ́ yìí wà.

Ohun tí mo fẹ́ dán wò ni pé èyí tó pọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní ìdúróṣinṣin sí àmì ọjà ní ọjà gbangba jẹ́ ìdúróṣinṣin sí ẹni tó ń tà á. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń náwó sórí ìpolówó ń bá ẹni tí kì í ṣe olùpinnu sọ̀rọ̀. Èyí tó ká mi lára jù ni pé a ń fojú kéré ọlọ́jà nínú ìmọ̀ ìtajà, bí ẹni pé ojú ọ̀nà lásán ni tí ọjà ń gbà kọjá. Olùrà ni òun náà. Ó ń yan àmì ọjà lójoojúmọ́, owó ara rẹ̀ ló sì fi ń yàn án.

Àwọn ìbéèrè ìwádìí

Ìbéèrè mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́, bí àmì ọjà tí oníbàárà ń rà bá tán lọ́dọ̀ ẹni tó ti máa ń rà á, ṣé yóò lọ sí ìsọ̀ mìíràn, àbí yóò gba èyí tí ọlọ́jà fi lọ̀ ọ́, àbí yóò padà sílé lọ́wọ́ òfo? Ìkejì, kí ló ń mú kí ọlọ́jà di àmì ọjà kan mú: èrè orí rẹ̀ ni, yíyára tà rẹ̀, àwìn tí alágbàtà ń fún un, bó ṣe rọrùn láti dá èyí tó bàjẹ́ padà, àbí ìgbàgbọ́ òun fúnra rẹ̀ pé ojúlówó ni? Ìkẹta, ǹjẹ́ ìhà tí ọlọ́jà kọ sí àmì ọjà kan ń hàn lára àwọn oníbàárà rẹ̀? Ìkẹta yìí ni mo gbé iṣẹ́ lé jù lọ, torí kò ṣeé dáhùn láì so ọlọ́jà àti oníbàárà rẹ̀ pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ kan náà.

Iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀

Láti ìgbà tí Cunningham ti wọn ìdúróṣinṣin ní 1956 nípa wíwo ìpín tí àmì ọjà kan ní nínú gbogbo ohun tí ìdílé kan rà, ọ̀nà méjì ni àwọn onímọ̀ ti ń gbà. Àwọn kan ń ka iye ìgbà tí ènìyàn rà á. Àwọn mìíràn ń béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Day sọ ní 1969 pé ọ̀kan ò tó láìsí èkejì, Dick àti Basu sì to méjèèjì pọ̀ ní 1994 sí oríṣi mẹ́rin. Nínú mẹ́rin náà, ọ̀kan wúlò púpọ̀ fún mi: ìdúróṣinṣin ojú lásán, níbi tí ènìyàn ti ń rà á léraléra láìjẹ́ pé ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìsọ̀ kan ṣoṣo lo ti ń rajà, tí ọlọ́jà ibẹ̀ kì í sì í tà ju oríṣi kan lọ, ojú lásán lè fara jọ òótọ́ fún ọdún púpọ̀.

Nínú àlàyé Jacoby àti Kyner ní 1973, wọ́n sọ pé ẹ̀ka tó ń ṣe ìpinnu ni ìdúróṣinṣin jẹ́ tirẹ̀, ẹ̀ka yẹn kò sì pọn dandan kó jẹ́ ẹni tó ń lo ọjà náà tàbí ẹni tó sanwó. Gbólóhùn yẹn ni mo fi ń ṣí ilẹ̀kùn fún ọlọ́jà. Òun náà lè jẹ́ apá kan ẹ̀ka tó ń pinnu.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ àwọn tó kọ́ nípa ọjà fúnra rẹ̀. Ní 1961, Mintz ṣàlàyé àjọṣe tó wà láàárín àwọn ọlọ́jà Haiti àti àwọn tó ń bá wọn dòwò pọ̀ léraléra. Ní 1978, Geertz kọ̀wé lórí ọjà Sefrou ní Morocco. Ó ní ìmọ̀ nípa ọjà ló ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, pé ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi ń padà sọ́dọ̀ ọlọ́jà kan náà dípò kó máa wá ọjà kiri. Akerlof ti fi hàn ní 1970 pé bí olùrà kò bá lè mọ ojúlówó yàtọ̀ sí gbàrọgùdù, ojúlówó lè kúrò lọ́jà, ó sì ka orúkọ àmì ọjà mọ́ ohun tó ń dín ewu náà kù. Lójú tèmi, ohun méjì ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú ọjà gbangba, ìyẹn orúkọ ara páálí àti ojú ọlọ́jà tí a mọ̀. Níbi tí ayédèrú bá ti ń lo orúkọ ara páálí, ojú tí a mọ̀ ló kù tí a lè gbára lé.

Ìṣọ́ra kan wà tí n kò ní gbàgbé. McPhee ṣàkíyèsí ní 1963 pé ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀ máa ń jìyà lẹ́ẹ̀mejì: àwọn tó ń rà á kéré, àwọn tó sì ń rà á kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ tó. Àmì ọjà tí ìsọ̀ díẹ̀ ń tà lè dà bí èyí tí ẹnikẹ́ni ò dúró tì, nígbà tó jẹ́ pé àìrírà ló fà á. Nítorí náà, màá kọ iye ìsọ̀ tí àmì ọjà kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀, màá sì fi sínú ìṣirò.

Bí màá ṣe ṣe ìwádìí náà

Ọjà gbangba mẹ́ta ni màá lò: ọ̀kan tí wọ́n ń ná lójoojúmọ́ ní ìlú ńlá, ọ̀kan tí wọ́n ń ná lójoojúmọ́ ní ìlú kékeré, àti ọ̀kan tó ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọjà mẹ́ta náà ni màá ti wo ọṣẹ ìfọṣọ, ọṣẹ ìfọyín àti bátìrì. Gbogbo wọn ni à ń rà léraléra, oríṣi wọn pọ̀ lórí àtẹ, a ò sì lè mọ èyí tó dára nípa wíwò. Bátìrì le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ó di inú ilé kí ènìyàn tó mọ̀ bóyá ayédèrú ni.

Àwọn ọjà yìí kì í sábà ní ìwé orúkọ tó pé, nítorí náà màá fi ẹsẹ̀ rìn ín, màá ya àwòrán ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, màá fún un ní nọ́ńbà, màá sì mú wọn ní ẹsẹẹsẹ. Ọlọ́jà 12 ni màá mú nínú ọjà kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn 36. Fún ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan, oníbàárà 8 ni màá bá sọ̀rọ̀, ìyẹn 288. Màá pín wọn sí òwúrọ̀, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́, nítorí ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ kì í rajà bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. N kò ní bi oníbàárà ní ìbéèrè níwájú àtẹ. Ta ló máa sọ lójú ìyá tó ń tajà fún un pé òun ò fẹ́ràn ohun tó fi lọ òun?

Ìdánwò yíyàn ni ọkàn iṣẹ́ náà. Màá fi káàdì aláwòrán ṣe ipò mẹ́ta fún oníbàárà. Ní ipò kìíní, àmì ọjà rẹ̀ tán lọ́dọ̀ ọlọ́jà rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà ní ìsọ̀ ìkejì. Ní ìkejì, ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọlọ́jà ní kó gbìyànjú òmíràn. Ní ìkẹta, ọlọ́jà rẹ̀ ò wá, ẹlòmíràn tí kò mọ̀ rí ló ní in. Ẹni tó bá kọ̀ láti rà á ní ipò kẹta, bó tilẹ̀ jẹ́ àmì ọjà rẹ̀ gan-an, ti sọ ohun pàtàkì fún wa.

Ìdáhùn lórí káàdì kì í ṣe owó tó kúrò lápò. Fún ìdí yìí, màá bẹ oníbàárà 30 kí wọ́n máa ju gbogbo páálí òfìfo ọjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpò kan fún ọ̀sẹ̀ 8, màá sì máa gbà á. Láàárín ọ̀sẹ̀ 8 kan náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì ni màá ka ohun tó wà lórí àtẹ ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan: èyí tó wà níwájú, èyí tó wà lẹ́yìn, èyí tó wà lábẹ́. N kò ní bi ọlọ́jà ní iye èrè rẹ̀, torí àṣírí òwò ni. Màá kàn ní kó to àwọn àmì ọjà bí èrè wọn ṣe pọ̀ sí.

Nínú ìṣirò, àwọn oníbàárà ọlọ́jà kan lè jọra, nítorí náà 288 kò tó 288 ní tòótọ́. Bí ìjọra náà, ìyẹn ρ, bá jẹ́ 0.1, tí iye oníbàárà ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn m, sì jẹ́ 8, ìlànà 1 + (m − 1)ρ fún wa ní 1 + 7 × 0.1 = 1.7. Bí a bá fi 1.7 pín 288, ohun tó kù lọ́wọ́ wa kò ju 169 lọ. Ìjọra yìí gan-an ló ń dáhùn ìbéèrè kẹta: bó bá ga, ọlọ́jà ń darí, bó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, èrò mi ti ṣubú, màá sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìṣirò alákàbà méjì, ti oníbàárà nínú ti ọlọ́jà, ni màá lò.

Ẹ̀tọ́ àwọn olùkópa

Màá kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ àwọn olórí ọjà, lẹ́yìn náà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ, màá ka ọ̀rọ̀ náà sí i létí. Ohun tí oníbàárà sọ kò ní dé etí ọlọ́jà rẹ̀, ibi tí ọlọ́jà kan ti ń kó ọjà kò sì ní dé etí ẹlòmíràn. N kò gba owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kankan tó ń ṣe ọjà wọ̀nyí.

Àkókò

Oṣù 9 ni iṣẹ́ náà máa gbà. Oṣù méjì àkọ́kọ́ wà fún ìdánwò káàdì pẹ̀lú oníbàárà 20 àti àwòrán àwọn ìsọ̀, oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àpò páálí àti kíka àtẹ, oṣù méjì fún ìṣirò, èyí tó kù fún kíkọ. Mo ń bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìdánwò káàdì náà, nítorí bí àwọn oníbàárà ò bá lóye ipò kẹta, dandan ni kí n tún un yà kí n tó wọ ọjà.