Kí Sísọ́ọ̀sì Tó Kàn Án

Ọ̀sán Sátidé ni, kò síná ní gbogbo Arákálẹ̀, jẹnẹrétọ̀ lọ́tùn-ún lósì, ni Ìyá Ṣeun bá wọ ṣọ́ọ̀bù Kẹ́mi pẹ̀lú léèsì nínú náílọ́ọ̀nù, ojú wọn ti le. Ṣeun tó ń ṣègbéyàwó ló mú àwọ̀ fún wọn láti Ìbàdàn, gíríìnì, wọ́n sì ní àwọn ò wọ gíríìnì rí láyé àwọn, pé àwọn dúdú, àwọ̀ yẹn á kàn bo àwọn mọ́lẹ̀ ni, kí Kẹ́mi bá àwọn wá ẹni tó máa ra léèsì náà káwọn lọ ra wáìnì l'Ọ́jà Ọba.

Kẹ́mi ò bá wọn jiyàn. "Màmá, fọ́tò Àjíǹde yẹn, tẹ́ ẹ wọ gáùn wáìnì tí mo rán, ṣó ṣì wà lórí fóònù yín?"

Ó wà. Wọ́n fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, Kẹ́mi ṣí áàpù tó fi ń tún fọ́tò ṣe, ó fi ìka kun gáùn yẹn nìkan, ó ń rọra ṣe é níbi ọrùn àti ọwọ́ torí tó bá fi lè kan ara pẹ́nrẹ́n, ara náà á yí àwọ̀. Ó wá ń fa ilà tí wọ́n kọ Hue sí, wáìnì di pọ́pù, ó di búlúù, ó wá di gíríìnì. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé gbogbo ìṣẹ́po aṣọ, òkùnkùn abẹ́ apá, ibi tí oòrùn kàn léjìká, kò séyìí tó kúrò níbi tó wà, àwọ̀ nìkan ló yí, ìyẹn ni ò ṣe jọ aṣọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ èèyàn.

Ìyá Ṣeun gba fóònù, wọ́n fẹ fọ́tò yẹn, wọ́n gbé e súnmọ́jú, wọ́n tún fẹ̀ ẹ́.

"Èmi rèé?"

Télọ̀ míì á ti bèèrè owó níbẹ̀, àmọ́ Kẹ́mi kì í fi ojú fóònù tan kọ́sítọ́mà. "Màmá, ẹ dúró ná o, fóònù máa ń tàn ju aṣọ lọ." Ó mú wọn jáde sínú oòrùn, ó na etí léèsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, lóòótọ́ léèsì yẹn ṣókùnkùn díẹ̀, bí ewé ewúro. Ó fa ilà tí wọ́n kọ Brightness sí wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí méjèèjì fi bára mu, ó wá sọ gèlè di góòlù.

Wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ṣeun. Kíá ló pè.

"Mọ́mì! Ìgbà wo lẹ rán an tán?"

"Wọn ò tíì gé e rárá."

"Kí lẹ wá ń dúró dè?"

Ìyá Ṣeun rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Kẹ́mi, gbé téèpù wá jàre. Mo ti sanra sí i látọjọ́ Àjíǹde, má fi ìwọ̀n àtijọ́ gé e fún mi o."