Má gé ilé yẹn kúrò

Àbẹ̀kẹ́: [Fọ́tò]

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ káàárọ̀ o, Bọ̀dá Dàpọ̀. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ilé Mọ́mọ́ àgbà wa ní Ìjẹ̀bú-Òde lèyí. Àárọ̀ yìí ni àbúrò mi yà á fún mi.

Dàpọ̀: Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ọdún o. Ọdún á yabo fún gbogbo wa. Aṣọ ni mò ń gé lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Mo ní kí n kàn yọjú wò ó, ni mo bá gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo jókòó.

Dàpọ̀: Jẹ́ kí n wò ó dáadáa ná.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ ti dákẹ́ pẹ́ o. Ṣé kò dáa ni?

Dàpọ̀: Kò dáa kẹ̀? Ó dára débi pé n kò fẹ́ sọ̀rọ̀ kí n tó wò ó tán. Láti àná tí wọ́n ti ṣe Ojúde Ọba, fóònù mi kò sinmi. Ẹṣin, agbádá, gíláàsì dúdú, àwọn régbérégbé nínú aṣọ ẹgbẹ́jọdá, gbogbo rẹ̀ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Gbogbo wọn ló dára, èmi náà sì rán lára aṣọ wọn. Láti 2024 tí fọ́tò Ojúde Ọba ti gba ayé kan, àwa télọ̀ Ṣágámù náà kì í fi bẹ́ẹ̀ sùn bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo rí láti àná, tìrẹ yìí nìkan ni mo fi ìka méjì fẹ̀ lójú fóònù, tí mò ń wò díẹ̀díẹ̀ láti gèlè dé bàtà.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ̀yin náà ẹ ti ń pọ́n mi jù. Kí lẹ rí níbẹ̀?

Dàpọ̀: Ó dáa, jẹ́ kí n sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o má baà rò pé ẹnu lásán ni.

Dàpọ̀: Ìró rẹ, ẹtù ni. Ẹtù gidi sì ni, èyí tí wọ́n fi aró pa òwú rẹ̀ títí ó fi dúdú bí òru. Wo ibi tí etí rẹ̀ ti padà wá bo ara lápá ọ̀tún. O mọ̀ pé aṣọ òfì tí àwọn ọkùnrin ń hun, tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń jáde lórí òfì. Àtẹ́lẹwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó já. Wọn á wá rán tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ títí yóò fi fẹ̀ tó ìró. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ ró o, ìlà rẹ̀ á wọ́, ọ̀kan á gba ọ̀tún, èkejì á gba òsì. Tìrẹ kò wọ́ rárá. Àwọn ìlà funfun tín-ín-rín yẹn sọ̀ kalẹ̀ láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀ bí òjò tó ń rọ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti wà nídìí máṣíìnì, ó sì ń ṣòro fún èmi gan-an láti ró o bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà.

Àbẹ̀kẹ́: Háà! Èmi kọ́ ni mo ró o o. Mọ́mọ́ ló ró o fún mi. Mo kọ́kọ́ ró o fúnra mi, wọ́n wò mí, wọ́n ní kí n súnmọ́ wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tú u.

Dàpọ̀: Mo mọ̀! Mo ní ọwọ́ àgbà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n lè ró aṣọ fún èèyàn kó má mọ bí yóò ṣe dúró sínú rẹ̀. Ìwọ mọ bí a ṣe ń dúró sínú ẹtù. O kò na ara, o kò sì fi ọwọ́ sí ìbàdí. Ẹ̀gbẹ́ ni o jẹ́ kí ọwọ́ rẹ sọ̀ sí, aṣọ náà wá rí àyè ṣe tirẹ̀.

Dàpọ̀: Gèlè ńkọ́? O jẹ́ kó rẹlẹ̀. Ìṣẹ́po méjì péré, o ki etí rẹ̀ bọ inú, ó parí. Ìyẹn ló jẹ́ kí ojú rẹ jáde, tí mo sì fi rí iyùn ọrùn rẹ. Ẹyọ kan ṣoṣo. Bí gèlè yẹn bá ga tàbí tí iyùn yẹn bá di mẹ́ta, wọn á máa bá ẹtù jà. Ẹni tó mọ ohun tó yẹ kó fi sílẹ̀ nínú àpótí ló mọ aṣọ wọ̀.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ ti jẹ́ kí n máa rẹ́rìn-ín nìkan nínú yàrá. Àbúrò mi ń bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Dàpọ̀: Sọ fún un pé ó yàwòrán dáadáa. Oòrùn òwúrọ̀ ló lò, ẹ̀gbẹ́ kan ojú rẹ ló sì tàn sí. Kò tan iná fóònù sí i rárá.

Àbẹ̀kẹ́: Mo fẹ́ fi ṣe dípíì, ṣùgbọ́n mo máa gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò ná. Ilé yẹn ti gbó jù. Ògiri ti ń ṣí, pánù ti pupa, fèrèsé kan kò tilẹ̀ dọ́gba mọ́. Àbúrò mi ní òun lè fi nǹkan funfun rọ́pò rẹ̀.

Dàpọ̀: Àbẹ̀kẹ́, mo bẹ̀ ọ́. Má gé ilé yẹn kúrò.

Dàpọ̀: Jọ̀ọ́, gbọ́ mi ná. Ohun tó mú mi jókòó gan-an nìyẹn, n kò tíì dé ibẹ̀ ni. Petẹ́ẹ̀sì yẹn ni fọ́tò náà. Wo òpó méjèèjì ẹnu ọ̀nà, bí wọ́n ṣe fi sìmẹ́ńtì ṣe òdòdó sí orí wọn. Ẹni tó ṣe é, ọwọ́ lásán ló fi tẹ̀ ẹ́, ìka rẹ̀ ṣì hàn nínú ewé òsì. Wo fèrèsé onípákó tó ṣí sílẹ̀, bí àwọ̀ ewé tó wà lára rẹ̀ ṣe ti ṣí títí tó fi ku èérún. Àwọ̀ ewé tó ti ṣí yẹn, pupa ògiri tó hàn lábẹ́ ìrẹ́, àti dúdú ẹtù rẹ, kò sí oníṣòwò aṣọ tó lè bá ọ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ bẹ́ẹ̀. Bí o bá fi nǹkan funfun sẹ́yìn, obìnrin tó wọ aṣọ tó dára ni a ó rí. Bí ilé yẹn bá wà níbẹ̀, ọmọ ilé la rí.

Àbẹ̀kẹ́: N kò wò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Dàpọ̀: Ó ku ohun kan. Aṣọ tí o gbé lé èjìká òsì yẹn, ta ló ni ín?

Àbẹ̀kẹ́: Wọ́n kàn mú u fún mi nínú àpótí ni. Kí ló dé?

Dàpọ̀: Nítorí kò ní ojú rírán. Mo wá a títí, n kò rí i. Ó fẹ̀, ẹyọ aṣọ kan náà ni. Aṣọ tí ọkùnrin hun kì í fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n rán an pọ̀. Kíjìpá ni, obìnrin ló ń hun ún, lórí òfì tí wọ́n ń gbé dúró ti ògiri. Òwú rẹ̀ nípọn, ó rí bíi pé ọwọ́ ni wọ́n fi ran án. Ó tún ní ọnà létí, ìlà mẹ́ta àti ohun kékeré kan tó jọ ọ̀pọ̀lọ́ tó na ẹsẹ̀. Kì í ṣe ìtagbè ṣá o, ìyẹn ti àwọn Òṣùgbó ni, ó máa ń ní ṣaki jágajàga lára. Tìrẹ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Láyé àtijọ́, irú aṣọ Ìjẹ̀bú olónà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ tà dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Kálàbárí létí òkun, wọ́n sì ń fi í pamọ́ bí ohun ìṣúra.

Dàpọ̀: Wàyí o, wo inú ẹnu ọ̀nà tó ṣí lẹ́yìn rẹ. Fẹ̀ ẹ́. Igi méjì gígùn dúró ti ògiri, òmíràn sì dábùú wọn lókè àti nísàlẹ̀. Kí nìyẹn?

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ dúró.

Àbẹ̀kẹ́: Bọ̀dá Dàpọ̀!!! Òfì Mọ́mọ́ ni! Wọn kò hun nǹkan lórí rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ojú ti ń dùn wọ́n. Aṣọ la máa ń sá lé e. Mo ti ń kọjá níwájú rẹ̀ láti kékeré, n kò mọ̀ pé ó hàn nínú fọ́tò.

Dàpọ̀: Òun ló wà lẹ́yìn rẹ gan-an. Aṣọ èjìká rẹ àti ibi tí wọ́n ti hun ún wà nínú fọ́tò kan náà, ìwọ wà láàárín. Àbúrò rẹ kò mọ̀, ìwọ náà kò mọ̀. Wàá wá gé e kúrò?

Àbẹ̀kẹ́: Mi ò gé e mọ́. Mo búra.

Àbẹ̀kẹ́: Mò ń lọ fi hàn wọ́n.

Dàpọ̀: Kí wọ́n ṣe é jẹ́jẹ́ fún ojú wọn. Fẹ̀ ẹ́ fún wọn.

Àbẹ̀kẹ́: Mo ti dé. Ó pẹ́ díẹ̀. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ fún wọn. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n wá ní àwọn hun aṣọ yẹn nígbà tí wọ́n lóyún màmá mi. Wọ́n ní ọ̀pọ̀lọ́ ni lóòótọ́, àti pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀kan kò gún nítorí ọjọ́ yẹn ni ìrọbí mú wọn nídìí òfì.

Dàpọ̀: Mo rí ẹsẹ̀ náà! Mo rò pé aṣọ ló ṣẹ́po níbẹ̀ ni.

Àbẹ̀kẹ́: Rárá o, màmá mi ló fà á. Èmi gan-an àárọ̀ yìí ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Àbẹ̀kẹ́: Wọ́n ní ta ni ọ̀gbẹ́ni tó mọ kíjìpá lójú fóònù. Mo ní télọ̀ ni, ará Rẹ́mọ, láti Ṣágámù. Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀ ní Sátidé, kí ẹ wá wo àwọn yòókù tó wà nínú àpótí, nítorí kòkòrò fẹ́ jẹ ọ̀kan létí, wọ́n sì fẹ́ kí ẹ bá wọn wò ó.

Dàpọ̀: Sọ fún Mọ́mọ́ pé mo kí wọn, mo dọ̀bálẹ̀. Màá ti dé kí oòrùn tó mú. Màá mú abẹ́rẹ́ tín-ín-rín àti òwú dání. N kò ní fi máṣíìnì kàn án.

Àbẹ̀kẹ́: Wọ́n ti ní kí n lọ ra ewùrà sílẹ̀, ìkókóré ni wọ́n fẹ́ sè. Wọ́n tún ní kí n wọ ẹtù yìí lọ́jọ́ náà, àwọn ló máa ró o.

Dàpọ̀: Kí àbúrò rẹ gbọ́ o: ibi kan náà, àárọ̀, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Kí Mọ́mọ́ jókòó síwájú òfì wọn lọ́tẹ̀ yìí, kí ìwọ dúró tì wọ́n.