Fún Yétúndé Àìná Àbẹ̀kẹ́, ní ọjọ́ ìbí rẹ

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ àbúrò mi, kú ọjọ́ ìbí o. O pé ọmọ ọdún 21 lónìí. Wàá dàgbà, wàá dògbó, ẹ̀mí rẹ á gùn.

Mo rí i pé o ti yọ Àìná kúrò nínú orúkọ tí o kọ síbi iṣẹ́ rẹ tuntun. Mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó tì ọ́ rí láti sọ bí àwọn orúkọ wọ̀nyẹn ṣe dé orí rẹ, ẹ̀bi àwa àgbà sì ni.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìbí rẹ ni màmá wa papò dà. Bàbá rẹ kò tíì ṣíwọ́ ẹkún. Bí wọ́n ṣe ní obìnrin ni, ó ní, "Yèyé ti padà wá." Kò sẹ́ni tó tún bèèrè ohun tí a ó sọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì rẹ: ẹni tí a bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́. Ọdún méje ni ìyá rẹ fi bẹ Ọlọ́run. Ìwọ náà mọ̀ pé bó bá ti pè ọ́ bẹ́ẹ̀, orí rẹ á wú, wàá sì ṣe ohun tó fẹ́.

Àìná wá ńkọ́? Ìwọ́ rẹ yí ọrùn rẹ po lẹ́ẹ̀mejì. Agbẹ̀bí rọra ki ìka bọ abẹ́ rẹ̀, ó tú u, lẹ́yìn náà ni o tó ké. Ẹnu ilẹ̀kùn ni mo wà. Nígbà tí mo gbọ́ igbe yẹn, ilẹ̀ ni mo jókòó sí. Obìnrin tó bá gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, Àìná ni; ọkùnrin ni Òjó. Yétúndé, ti màmá wa ni. Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀bẹ̀ ìyá rẹ ló wà nínú rẹ̀. Àìná nìkan ni ìwọ fúnra rẹ gbé tọ̀run bọ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó la ẹnu.

Ọmọbìnrin Ẹ̀gbádò kan wà tí a bí ní nǹkan bí 1843; Àìná ni a gbọ́ pé wọ́n ń pè é nílé. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó o lẹ́rú. Ní 1850, ọba wọn fi í ta ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́rẹ fún Ọbabìnrin Fikitóríà. Wọ́n wá ń pè é ní Sarah Forbes Bonetta: Forbes ni orúkọ ọ̀gá náà, Bonetta ni ti ọkọ̀ rẹ̀. Orúkọ ọkọ̀ ló rọ́pò àmútọ̀runwá! Ó máa ń dùn mí dọ́kàn. Tìrẹ, kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Màá pè ọ́ lálẹ́ òní. Àìná ni màá pè, kí o jẹ́ mi.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ,
Màámi Àgbà