Ọ̀rọ̀ Àbúrò Ìyàwó Níbi Ìgbéyàwó Àńtí Mútíátù

Àsàláámù àlékúmù o. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìnáwó. Ẹ̀yin àna wa tí ẹ ti Ọ̀fà gba Àjàṣẹ́-Ìpo wá, ẹ kú ewu ọ̀nà. Àwọn àáfáà ti so yìgì, wọ́n ti ṣàdúà. Èmi kò ní pẹ́, òórùn ọbẹ̀ ti dé ibi tí mo dúró sí.

Ọdún tí mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, owó yúnífọ́ọ̀mù kò sí. Àńtí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ni. Wọ́n mú ṣẹ́ẹ̀tì funfun Bàbá, wọ́n tú u, wọ́n gé e, wọ́n fi òru rán an. Ilẹ̀ mọ́, mo wọ̀ ọ́: apá òsì ṣe déédéé, apá ọ̀tún gùn bí ọ̀nà Ọ̀fà. Mo bú sẹ́kún. Wọ́n ní, "Ká a sókè. Ẹni tó bá bi ọ́, sọ pé ooru ń mú ọ." Odidi ọdún kan ni ooru fi mú mi lápá ọ̀tún nìkan.

Kàfútánì ọrùn mi yìí, àwọn náà ló rán an. Mo fi téèpù wọn apá rẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n dọ́gba.

Bọ̀dá Wàídì, ó kàn yín. Ẹ gbé ṣòkòtò kan wá sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní ó gùn. Wọ́n ṣẹ́ ẹ sókè. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ní ó ti kúrú. Wọ́n tú u sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ tún gbé e dé. Màmá wa wo ẹsẹ̀ yín títí, wọ́n ní, "Ọmọ yìí, ṣòkòtò lò ń wá ni, àbí ẹni tó ń rán an?" Ìlọrin ni wọ́n ń kì ní ẹnu dùn juyọ̀, àfi bí ọmọ Ọlọ́fà ṣe fi ẹnu dídùn gba ọmọ lọ́wọ́ wa!

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, a gbọ́. Ẹ má dán an wò lára Àńtí mi. Bí inú bá ń bí wọn, wọn kì í pariwo, ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n máa ń fi sọ ọ́. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń sáré láàárín òru, ẹ gbé omi tútù fún wọn, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ dákẹ́. Wọ́n á sọ ọ́ fúnra wọn.

Àńtí mi, nígbà tí owó yunifásítì mi kò pé, ẹ ta ẹ̀rọ yín kejì. Ẹ ní ó bàjẹ́ ni. Mo mọ̀. Inú bọ́ọ̀sì tó ń gbé ẹrù yín lọ sí Ọ̀fà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa: ẹ̀rọ tuntun kan wà níbẹ̀.

Ẹ bá mi gbé ife sókè, ẹ̀yin ènìyàn wa, ìbáà ṣe sóbò, ìbáà ṣe kúnú. Kí Ọlọ́run fi ìfẹ́ àti àánú sáàárín wọn, kí ó fi ọmọ rere kún ilé wọn. Àńtí Mútíátù! Bọ̀dá Wàídì! Ẹ mu ún!