Ọ̀rọ̀ ìṣíde ọjọ́ ìdúpẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, ní ilé aṣọ kan ní Kétu

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Mo júbà kí n tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin aránṣọ, ẹ̀yin tí ẹ ti Ìlárá àti Pọbẹ̀ gun alùpùpù wá láti ìdájí, ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ kú eruku ọyẹ́. Ẹ̀yin ará wa láti Ìmẹ̀kọ, ẹ káàbọ̀. Ibodè ò ya ọmọ ìyá. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ọdún á yabo fún gbogbo wa.

Láti oṣù kìíní ni ẹ ti ń ra aṣọ lọ́wọ́ wa. Ẹ ra ti ìkómọ, ẹ ra ti ìgbéyàwó, ẹ ra ti òkú àgbà. Onílù wà lábẹ́ àtíbàbà yẹn, yóò lù, a ó sì jó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta aṣọ, ọ̀pá ìwọ̀n ló fi ń dúpẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi gbé tábìlì gígùn yìí síta.

Ẹ wo ọ̀dà funfun tí a fi sàmì sí i. Láti àmì àkọ́kọ́ dé èkejì, yáàdì kan ni, sẹ̀ntímítà 91 àti díẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yáàdì 6 ni, ìyẹn mẹ́tà 5 àti sẹ̀ntímítà 48. Aránṣọ tó bá mú téèpù dání, ẹ wá wọ̀n ọ́n. Lónìí, orí tábìlì yìí ni a ó ti máa wọn gbogbo aṣọ, aṣọ á sùn gbalaja, ẹnikẹ́ni ò ní fà á. Aṣọ tí wọ́n bá fà kí wọ́n tó gé, bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, á sún padà. Léèsì tó máa ń nà ló burú jù. Ọ̀pá onígi pẹ̀lú, bí ẹnu rẹ̀ bá ti jẹ, ẹni tó ń lò ó lè má mọ̀ pé òun ń jalè. Bí ìka méjì bá sọnù ní yáàdì kan, ìka 12 ló sọnù ní yáàdì 6. Bùbá á wá kúrú lápá, aránṣọ ni ẹ ó sì máa bínú sí.

Ẹ sì mọ̀ pé yáàdì 6 yìí, pàǹyà mẹ́ta ni: ọ̀kan fún ìró, ọ̀kan fún bùbá, ọ̀kan fún gèlè tàbí ìborùn. Ẹni tí ara rẹ̀ bá kún, tó tún fẹ́ kí apá bùbá gbòòrò, kó má fi gèlè sínú ìṣirò náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ aránṣọ kí ẹ tó ní ká gé e. A ò lè gba aṣọ tí a ti gé padà. Èyí tí a ò tíì gé, tí ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè fi pààrọ̀ òmíràn láàárín ọjọ́ 7.

Owó ńkọ́? Àǹkárá tí ẹ ń rà ní 6,500 fáráǹkì fún yáàdì 6, 5,500 ni lónìí. Ẹni tó bá ra odindi, yáàdì 12, 13,000 tẹ́lẹ̀, yóò san 10,500. Léèsì, a yọ 1,500 nínú 10,000 kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání, ṣéńjì ṣọ̀wọ́n nínú oṣù Kérésì. Ẹni tó bá fẹ́ san mómò, kó dúró kí ọmọ wa rí owó náà lórí fóònù tiwa kó tó gbé aṣọ. Ẹni tó mú náírà wá, iye tí a ó fi ṣẹ́ ẹ ti wà lára pátákó láti àárọ̀, kò ní yí padà títí dalẹ́.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ gidi. Ẹ má ra aṣọ ẹgbẹ́ ní ìdáméjì. Bí ènìyàn 30 bá fẹ́ wọ aṣọ kan náà, ẹ jẹ́ ká kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwòrán lè jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n pa láró ní ìgbà ọ̀tọ̀, búlúù rẹ̀ lè ṣú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ojú òòrùn lẹ ó ti rí i, lọ́jọ́ ayẹyẹ, nígbà tí ayaworan bá to yín jọ. Ẹni tí kò tíì kó owó pé, kó san ìdá kan nínú mẹ́ta, a ó pa á mọ́ fún un di òpin oṣù tó ń bọ̀, ní iye òní.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí aṣọ padà. Àǹkárá tó dára, ẹ̀yìn rẹ̀ á mọ́lẹ̀ bí iwájú. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka gún un pọ̀ bí ẹni ń fọṣọ: bí ìyẹ̀fun funfun bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, kaǹjì ló mú un le, lọ́jọ́ tí omi bá kàn án á rọ bí ewé ilá. A ní irú èyí náà nínú ilé, owó rẹ̀ kéré, a sì kó o sí ọ̀tọ̀. A ò fi pa mọ́ fún yín. Ẹ rẹ àǹkárá sínú omi tútù kí aránṣọ tó gé e, kó súnkì kó tó di ẹ̀wù, òjìji sì ni kí ẹ sá a sí.

Yáàdì 6 kọ̀ọ̀kan ní tíkẹ́ẹ̀tì kan. Ẹ ya á sí méjì, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí apá tó ń wọ inú igbá, nítorí ẹni tó bá ti lọ sílé nígbà tí a ń pe nọ́ńbà. Agogo 4 ìrọ̀lẹ́ ni ọmọdé kan yóò di ojú, yóò fa mẹ́wàá. Àkọ́kọ́ gba odindi yáàdì 12. Mẹ́ta tó tẹ̀ lé e gba yáàdì 6 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà yòókù gba pàǹyà kan.

Ìrẹsì, àbọ̀lò àti àkàrà wà lẹ́yìn ilé, kì í ṣe níbí. Epo àkàrà lára léèsì funfun, kò sí ọṣẹ tó ń bẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹun, ẹ fọwọ́, ẹ wá.

Ìwé gbèsè wà nínú àpótí, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò mi. A ò ní gbé e jáde lónìí, kí ẹnikẹ́ni má sá fún mi. Ẹ jó dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi wọ Kérésì. Ọwọ́ aránṣọ ti kún. Ẹ bi wọ́n lónìí, wọ́n wà láàárín wa, kí ẹ tó ṣe ìpinnu. Ẹni tí kò bá ríbi gbé e sí, oṣù kìíní ń bọ̀, ọdún ìbílẹ̀ náà ń béèrè aṣọ.

Ó tó. Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ jókòó létí tábìlì, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù nínú wa. Ẹ bá mi gba àlùmọ́gàjí yìí. Aṣọ àkọ́kọ́ rèé, mo ti tẹ́ ẹ, ẹnìkan ò fà á. Ẹ wo àmì yẹn dáadáa, ẹ gé e, ti yín ni.