Sátidé, alẹ́: ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú álífà

Ọwọ́ ń dùn mí. Mo kọ lẹ́tà Gíríìkì kan, ξ, ní ogójì ìgbà ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ìlà mẹ́rin, mẹ́wàá mẹ́wàá, kò sì sí méjì tó jọra nínú wọn. Àwọn kan dà bí ekòló tí wọ́n fi igi gún, àwọn kan dà bí 3 tó hu ìrù. Èmi, ẹni ọdún 49, tí mo yọ ahọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu tí mò ń kọ lẹ́tà bí ọmọ jẹ́léósinmi. Ọmọ mi obìnrin kọjá, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ó mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ti rò pé mo ti gbà á tán kí n tó wọ kíláàsì èdè Gíríìkì yìí. Ó ti tó ọdún 19 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ta ló fẹ́ fi π bà mí lẹ́rù? Nígbà tí Tíṣà béèrè ní Mọ́ńdé pé ta ló ti mọ lẹ́tà Gíríìkì kan tàbí méjì, mo na ọwọ́, mo ka mọ́kànlá gbọọrọ: álífà, bíítà, gámà, dẹ́ltà, tíítà, lámúdà, míù, pàì, sígímà, fàì, òmégà. Tíṣà wa kéré sí mi dáadáa, ṣùgbọ́n Tíṣà ni mò ń pè é, òun náà ń pè mí ní Sà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Sà. Ẹ ó kàn ní láti gbàgbé bí ẹ ṣe ń pè wọ́n ni.” Bíítà di bẹ́tà. Tíítà di tẹ́tà. Pàì di pì, fàì di fì, míù di mù. Nínú mọ́kànlá tí mo kó wá láti ilé, márùn-ún ti lọ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé.

Ṣùgbọ́n eré nìyẹn. Wẹ́sidé ni ojú tì mí.

Ó kọ ọ̀rọ̀ kan gàdàgbà sórí pátákó: ΑΝΗΡ. Lójú tèmi, kò sí lẹ́tà àjèjì kankan níbẹ̀. Kò tíì béèrè ẹni tó máa kà á tí mo ti dìde. Mo pè é bí ẹni ka Gẹ̀ẹ́sì, mo fi h sí ibi kẹta, mo fi p pa á dé. Kíláàsì dákẹ́ lọ bí ibojì. Tíṣà ní, “Sà, ẹ gba méjì nínú mẹ́rin.” Η yẹn kì í ṣe h rárá, ẹ́tà ni, ohùn rẹ̀ ni ẹ tí a fà gùn. Ρ kì í ṣe p, rò ni, r ni. Anẹ́r. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọkùnrin. Mo jókòó. Ọkùnrin ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó kọ́kọ́ gbé mi ṣánlẹ̀ níṣojú èèyàn mẹ́sàn-án.

Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà. Àwọn lẹ́tà tí mi ò rí rí kò yọ mí lẹ́nu. Ψ, tó dà bí ẹni tó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè tó ń bẹ̀bẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí i, ó sì ti wà lórí mi. Θ, ẹyin tó de ìgbànú, kò lè ṣì mí. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà: àwọn tó wọ aṣọ ará ilé, Ρ, Η, ν, Χ, àwọn gan-an ni ọ̀dàlẹ̀. Χ! Ọdún 19 ni mo ti ń ní kí àwọn ọmọ bá mi wá X. Mo ti wá rí i báyìí o. Kì ni wọ́n ń pè é, ohùn rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tí egungun há lọ́nà ọ̀fun.

ν ló burú jù. Ojú mi ń rí v, ẹnu mi ti pe v kí orí mi tó dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mú ṣóńṣó, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, υ, ìdí rẹ̀ rí roboto, úpísílọ́ọ̀nù ni. Tí mo bá ń kánjú kọ wọ́n, ọwọ́ tèmi kì í mọ èyí tó mú yàtọ̀ sí èyí tó rí roboto.

Ibi tí ara ti tù mí ni ọ̀rọ̀ fáwẹ́lì. Tíṣà ti múra sílẹ̀ láti ṣàlàyé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó ní ε àti η kì í ṣe ohùn kan náà, èkíní kò la ẹnu púpọ̀, èkejì la ẹnu, ó sì gùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ο àti ω. Ó ń fi ọwọ́ júwe bí ẹnu ṣe máa là. Màmá kan tó ti fẹ̀yìntì, tó máa ń jókòó níwájú, gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè. Ó ní, “Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé wọ́n ní e àti ẹ, wọ́n tún ní o àti ọ?” Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní, “Kí ló wá dé tí ẹ ń làágùn?” A rẹ́rìn-ín títí. Ní tòótọ́, ìyẹn kò gbà wá ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Àwọn kò fi nǹkan kan sábẹ́ o bíi tiwa. Ω dà bí o tí wọ́n la ìdí rẹ̀. Orúkọ wọn sì ń ṣàlàyé ara wọn: ómíkírọ́ọ̀nù ni “o kékeré”, òmégà ni “o ńlá”. Ní ìparí ọdún 2021 tí gbogbo ayé ń sá fún Ómíkírọ́ọ̀nù, ẹ̀yà kòrónà tí wọ́n fi lẹ́tà yìí sọ, ta ló mọ̀ pé o kékeré là ń sá fún? Àjọ Ìlera Àgbáyé fo lẹ́tà méjì kí wọ́n tó dé orí rẹ̀ nígbà náà, nù àti kísì, ìyẹn ν àti ξ. Méjèèjì tí èmi náà ìbá fò nìyẹn ká ní wọ́n gbà fún mi.

Nǹkan míì tí mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé mi: àwa fi lẹ́tà méjì, g àti b, kọ ohùn ẹyọ kan, gb. Àwọn fi lẹ́tà ẹyọ kan kọ ohùn méjì: Ψ ni p àti s, Ξ ni k àti s. Bí mo sì ṣe kọ “p” sí ẹ̀gbẹ́ π ni mo pa á rẹ́, nítorí p tiwa kọ́ nìyẹn. P tiwa ní k nínú. Mo wá kọ “p ti òyìnbó”, mo fàlà sí abẹ́ rẹ̀.

Mo tún bi Tíṣà nípa π lẹ́yìn kíláàsì. Ó ní lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún àyíká nǹkan ni, περίμετρος, àti pé William Jones ló kọ́kọ́ lò ó fún iye yẹn nínú ìwé, ní ọdún 1706. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ gan-an kò lò ó bẹ́ẹ̀. Ọdún 19 ni mo ti ń kọ 3.142 sórí pátákó láìbi ara mi pé ibo ni ilé kékeré olópòó méjì yẹn ti wá.

Fúráìdé ni ìdánwò. Lẹ́tà 24, ńlá àti kékeré, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo gba 41 nínú 48. Mo fi ζ sí ipò ξ, mo fi ξ sí ipò ζ. ν àti υ, bákan náà. φ àti ψ kékeré, bákan náà. Ẹ̀keje ni Ρ ńlá: mo kọ R síbẹ̀ láìrònú, nítorí mo ti ń pariwo r sí ara mi láti Wẹ́sidé. Tíṣà fi bírò pupa yí méjèèje ká. Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti fi bírò pupa kan ìwé tí mo kọ. Mo wò ó títí. Ó wá sí mi lọ́kàn bí mo ṣe máa ń fà á gbooro lórí iṣẹ́ àwọn ọmọ, nígbà míì tó máa ń ya bébà. Màmá iwájú gba 47, ó sì ṣe bí ẹni pé kò mọ̀ pé mò ń yọjú wò ó.

Láti àná ni ọmọ mi ti gbà mí tọ́. Ó gé páálí sí 24, ó kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí i, ó lẹ ν mọ́ dígí níbi tí mo ti ń fá irùngbọ̀n. Lónìí ó bi mí pé kí ló ń jẹ́ álífábẹ́ẹ̀tì. Mo ní álífà àti bẹ́tà ni wọ́n so pọ̀. Ó ní, “Bí ábídí nìyẹn, Dádì.” Mo dúró. Bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́: a, bí, dí. Àwọn babańlá wa náà mú orí ìlà fi pe gbogbo ìlà. Mo wá sọ fún un pé ọwọ́ àwọn ará Foníṣíà ni àwọn Gíríìkì ti gba lẹ́tà, pé orúkọ tó di álífà jẹ́ màlúù lédè àwọn yẹn, èyí tó di bẹ́tà sì jẹ́ ilé. Kò gbà mí gbọ́ lórí màlúù. Mo gba páálí Α lọ́wọ́ rẹ̀, mo dojú rẹ̀ délẹ̀: ẹnu ṣóńṣó nísàlẹ̀, ìwo méjì lókè. Ó gba páálí náà padà, ó ya ojú méjì sí i.

Mọ́ńdé tó ń bọ̀ ni àwọn àmì orí fáwẹ́lì. Tíṣà ti fi díẹ̀ hàn wá. ´ yìí, ó ní láyé àtijọ́ ohùn ló ń gòkè níbẹ̀, ó sì ń wojú wa bóyá ó yé wa. Màmá iwájú kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn na ọwọ́ sí ìwé rẹ̀ tí àmì ohùn kún fọ́fọ́. Íótà kékeré kan tún wà tí wọ́n máa ń fi sí abẹ́ fáwẹ́lì, bíi ῃ. Ìyẹn náà kò bà mí lẹ́rù. Ẹni tó ti ń fi nǹkan sábẹ́ ẹ láti kékeré.

Ohun tó gbé mi dé kíláàsì yìí gan-an nìyí, mo ti dà á kọ sí ojú ìwé yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Jòhánù orí kìíní, ọ̀rọ̀ márùn-ún àkọ́kọ́, ibi tí tiwa ti ní ní àtètèkọ́ṣe ni Ọ̀rọ̀ wà:

Ἐν ἀρχῇ ἦν ὁ λόγος

Ó ti tó aago mọ́kànlá. Mo fi ìka sí abẹ́ rẹ̀, mo kà á sókè, díẹ̀díẹ̀. Èkíní, en, e tí kò la ẹnu. Èkejì, rò tí mo mọ̀ dáadáa báyìí, kì tó ń ha ọ̀fun, ẹ pẹ̀lú íótà lábẹ́: arkhẹẹ. Karùn-ún mo yára fò lọ wò, torí sígímà tó na ìrù ní ìparí ọ̀rọ̀ dùn mọ́ mi, logos. Mo padà sí ẹ̀kẹta. Ẹ tó gùn, ẹẹ, lẹ́yìn náà—

“Ẹẹv,” ni mo pè.

“Nù ni, Dádì,” ni ọmọ tí mo rò pé ó ti sùn sọ láti yàrá kejì.

Ẹẹn.