Àṣẹ fún ẹ̀rọ ayàwòrán: ìpolówó oúnjẹ ajá àti ológbò, ṣọ́ọ̀bù Iléṣà

Àbúrò mi, bó ṣe wà yìí ni kó o kọ àwọn àṣẹ yìí sínú ẹ̀rọ AI tó ń ya àwòrán, lọ́kọ̀ọ̀kan. Má pa ajá àti ológbò pọ̀ sínú àwòrán kan, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti máa ń lọ́ mọ́ra wọn.

Pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù

Ya fọ́tò gidi, kì í ṣe àwòrán ẹ̀fẹ̀. Ajá ilé kan, akọ, ọmọ ọdún 3, irun rẹ̀ kúkúrú, ó pupa bí ilẹ̀ Iléṣà. Ó jókòó sínú àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ilé alámọ̀ olórùlé páànù tó ti dípẹtà wà lẹ́yìn rẹ̀. Aago 7 àárọ̀, oòrùn ń ti apá òsì àwòrán wá. Irun rẹ̀ ń dán, imú rẹ̀ tutù. Egungun ìhà kò yọ síta, ikùn kò wú, ìbàdí sún wọlé díẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì hàn gbangba: ọmọ ìka 4 ló tẹ ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èékánná kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìka karùn-ún kékeré wà lókè lápá inú, kò kan ilẹ̀. Ẹyinjú méjèèjì mọ́ kedere, wọ́n tóbi dọ́gba, dúdú àárín wọn róbótó, ibì kan náà ni wọ́n ń wò. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tàn sí apá òsì ojú kọ̀ọ̀kan. Abọ́ irin kan wà níwájú rẹ̀, oúnjẹ gbígbẹ oníhóró kún inú rẹ̀. Kò sí egungun sísè, kò sí àlùbọ́sà. Ìdá kan nínú mẹ́ta àwòrán náà, lókè, ṣófo.

(Ẹ̀rọ fẹ́ràn àtimáa to ẹ̀fọ́ yí abọ́ ká kó lè rẹwà. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Dókítà ẹran tó bá rí i lára pátákó wa á fi wá ṣẹ̀sín.)

Fún sítátọ́ọ̀sì Wọ́sáàpù

Fọ́tò ológbò, abo, dúdú òun funfun, lórí káńtà ìsọ̀ kan ní ọjà Àtákúnmọ̀sà, ọ̀sán gangan. Ó lúgọ, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ wà pa pọ̀ níwájú àyà, èékánná wà nínú àpò wọn. Irun ètè rẹ̀ gún, kò lọ́. Dúdú ojú rẹ̀ tín-ín-rín lóòró nínú méjèèjì.

Àwọn kan á fẹ́ ojú róbótó torí ó wuni. Nínú oòrùn ọ̀sán, irọ́ ni.

Ara àpò oúnjẹ

Ọmọ ajá kan tó ń jẹun, a rí i láti ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ 4 péré, ìrù 1.

Bí ẹsẹ̀ bá bàjẹ́

Má ya gbogbo rẹ̀ tuntun. Fa ìlà yí ẹsẹ̀ yẹn nìkan ká, kó o kọ: «Tún ẹsẹ̀ iwájú yìí yà. Ìka 4 nílẹ̀, àlàfo hàn láàárín wọn, irun àti òjìji bíi ti ẹsẹ̀ kejì. Má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.»

Má jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ ọ̀rọ̀ kankan sórí rẹ̀ o, àmì ohùn ló máa kọ́kọ́ dàrú. Fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi, èmi ni màá kọ «Ajá tó yó, irun rẹ̀ á dán» síbi tó ṣófo lókè yẹn.